Ìwé Tí Àdìzát Kò Gbà

Ìyá Fáìzàh wọ ṣọ́ọ̀bù mi lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé kan, ó fi ìwé kan síwájú mi, ó ní, "Tíṣà, ẹ bá mi ka èyí. Ẹ má fi ohunkóhun pa mọ́."

Òdìkejì ọ̀nà ni ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ wà, ní àdúgbò wa ní Sango. Aránṣọ ni. Aṣọ iṣẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ fákítọ̀rì ló ń rán jù, èyí tó nípọn tó sì ní àpò mẹ́rin. Èmi ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ olùkọ́. Mo ń tẹ lẹ́tà fún aráàlú, mo sì ń ṣe fọ́tókọ́pì. Nígbà tí ìyàwó mi kú, Ìyá Fáìzàh yìí, Àdìzát Kàsúmù, ló rán aṣọ tí a fi sin ín. Ó rán an ní òru ọjọ́ kan, kò sì gba kọ́bọ̀. Látìgbà náà, bó bá ní kí n ka nǹkan fún òun, n kì í bi í pé kí ló dé.

Mo wọ awò mi, mo kà á. Ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì kan tó ní ẹ̀ka ní Ọ̀tà ni ìwé náà ti wá.

"Wọ́n ní ìnṣọ́ránsì ẹ̀mí lo rà," mo ní. "Ọdún mẹ́wàá ni o máa fi san án. Bí o bá kú láàárín ọdún mẹ́wàá náà, wọ́n á san mílíọ̀nù méjì ààbọ̀ fún àwọn ọmọ rẹ. Bí ọdún mẹ́wàá bá sì pé tí o wà láàyè, wọ́n á kó owó tó o ti san fún ọ, pẹ̀lú ohun tó bá gorí rẹ̀."

"Bí mo bá wá fẹ́ ẹ báyìí ńkọ́?"

Mo yí ìwé náà sí ẹ̀yìn. "Wọ́n ní ẹni tí kò bá tíì san án tó ọdún méjì kò ní rí nǹkan kan gbà."

Ó wo ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ẹ̀rọ ìránṣọ ọmọọṣẹ́ rẹ̀ ń dún lódìkejì.

"Al-Ameen tó tà á fún mi sọ pé àjọ ni," ó ní. "Ó ní oṣù méjìdínlógún. Ó ní tó bá ti pé, kí n wá kó o. Oṣù méjìdínlógún pé lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ìyẹn ni mo fi lọ sí ọ́fíìsì wọn ní Ọ̀tà lónìí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti tẹ ìwé yìí fún mi."

Ogún ẹgbẹ̀rún náírà ni wọ́n ń yọ nínú àkáǹtì rẹ̀ lóṣooṣù. Gbogbo rẹ̀ ti di òjìdínnírinwó ẹgbẹ̀rún. Mo mọ ohun tó fẹ́ fi owó náà ṣe, nítorí èmi ni mo tẹ fọ́ọ̀mù Fáìzàh, àkọ́bí rẹ̀, nígbà tó ń wá ààyè sí ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Ó ti rí ààyè náà. Ọjọ́ Ẹtì tó kẹ́yìn oṣù tó ń bọ̀ ni ilé-ẹ̀kọ́ fún wọn láti san owó ìwọlé. Ẹni tí kò bá san án, wọ́n á fi ààyè rẹ̀ fún ẹlòmíràn.

"Kí ni wọ́n sọ fún ọ ní Ọ̀tà?"

"Ọmọbìnrin kan ní kí n máa san án lọ, pé oṣù mẹ́fà péré ló kù tí ọdún méjì á fi pé, n óò sì rí díẹ̀ gbà. Mo ní díẹ̀ kọ́ ni mo fún wọn." Ó fa àga, ó jókòó. "Mo ti yà ní báńkì. Mo ní kí wọ́n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ owó mi mọ́. Ẹ wá bá mi kọ lẹ́tà sí wọn. Kí wọ́n fa ìwé náà ya, kí wọ́n dá owó mi padà, gbogbo rẹ̀."

Mo tan kọ̀ǹpútà. Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi ń kọ ọ́, mo sì ń sọ ọ́ fún un ní Yorùbá bí mo ti ń kọ ọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ bí wọ́n ti kọ́ wa nílé-ìwé àwọn Ìjọ Páàdì, pé mo fi ìrẹ̀lẹ̀ bẹ ọ̀gá wọn kí ó ṣíjú àánú wò mí.

"Ta ni à ń bẹ̀?" ó ní.

"Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn."

"Tíṣà, tí oníbàárà mi bá mú aṣọ tí kò bá a mu padà wá, ṣé ó máa ń dọ̀bálẹ̀ ni? Ẹ yọ ọ́ kúrò."

Mo yọ ọ́ kúrò. Mo bi í bí ọ̀rọ̀ ṣe rí láàárín òun àti Al-Ameen. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n kan ni Al-Ameen Múìdéènì, mọ́ṣáláṣí kan náà ni wọ́n jọ ń kírun. Aṣojú tó ń bá ilé-iṣẹ́ náà ta ìnṣọ́ránsì ni. Ó wá bá a ní ṣọ́ọ̀bù ní ẹ̀yìn ìrun Àsárì, ó bá a gé òwú lára aṣọ, wọ́n sì jọ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló yọ fọ́ọ̀mù jáde. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀, tí Àdìzát sì fọwọ́ sí i. Nígbà tó bèèrè pé kí ló wà nínú ìwé náà, Al-Ameen ní orúkọ rẹ̀ àti orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ ni.

Mo kọ ọ́. Mo kà á fún un.

"Báwo lẹ ṣe pe àjọ yẹn lédè Gẹ̀ẹ́sì?"

"Mo pè é ní owó ìfipamọ́."

"Àjọ ló wí. Ẹ kọ àjọ."

"Ẹni tó máa kà á lè má gbọ́ Yorùbá."

"Kí ó wá ẹni tó gbọ́ ọ. Bó bá jẹ́ ìnṣọ́ránsì ló pè é, ojú kan náà ni ǹ bá ti lé e. Ọ̀rọ̀ tó fi mú mi ni mo fẹ́ kí wọ́n rí."

Mo kọ àjọ. Mo fi àmì ohùn sí i dáadáa, kí wọ́n má baà pè é ní nǹkan mìíràn.

A jọ mú lẹ́tà náà lọ sí Ọ̀tà lọ́jọ́ kejì, ẹ̀dà méjì. Ọmọbìnrin tó wà lẹ́nu ọ̀nà gba ọ̀kan, ó ní ká máa lọ. Mo ní kó tẹ òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà kejì, kó kọ ọjọ́ sí i, kí ó hàn pé wọ́n ti gbà á. Ó ní ẹni tí òǹtẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò sí nílé.

"Ìgbà wo ló máa dé?" Ìyá Fáìzàh bèèrè.

"Mi ò mọ̀, Màmá. Ó lè pẹ́."

"Kò burú." Ó yọ aṣọ kan nínú báàgì, èyí tó kù kó rán àpò mọ́, ó ki òwú bọ abẹ́rẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lórí àga àwọn oníbàárà, lábẹ́ àwòrán ìdílé kan tó ń rẹ́rìn-ín. Àpò mẹ́ta ló rán mọ́ ọn kí ẹni tó ni òǹtẹ̀ tó jáde láti yàrá inú lọ́hùn-ún, níbi tó ti wà láti àárọ̀.

Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì kí èsì tó dé. Mo ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì kí n tó ránṣẹ́ pè é, nítorí n kò fẹ́ kó rí ojú mi kí n tó mọ ohun tí n óò sọ.

"Wọ́n kọ̀," mo sọ fún un. "Wọ́n ní ẹni tó bá gba ìwé àdéhùn ìnṣọ́ránsì ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti kà á. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ náà, kó dá a padà, wọ́n á sì dá gbogbo owó rẹ̀ padà fún un. Ọjọ́ tí ìwé tẹ ẹni náà lọ́wọ́ ni wọ́n ti ń ka ọgbọ̀n ọjọ́ náà. Wọ́n ní ìwé tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́ lọ́dún tó kọjá, o kò sì sọ nǹkan kan."

"Ìwé wo?"

"Ìwé àdéhùn gan-an. Ó máa ń nípọn. Wọ́n máa ń dì í pọ̀ bí ìwé tí à ń kà nílé-ìwé."

"Fọ́ọ̀mù yẹn nìkan ni mo fọwọ́ sí, ó sì mú un lọ. Kò fún mi ní ìwé kankan."

"Wọ́n ní o fọwọ́ sí i pé o gbà á. Ẹ̀rí rẹ̀ nìyí." Mo fi fọ́tókọ́pì tí wọ́n so mọ́ èsì náà hàn án. Ìwé pélébé kan ni, tí orúkọ rẹ̀, nọ́ńbà ìwé àdéhùn, ọjọ́ àti ìbuwọ́lùwé wà lára rẹ̀.

Ó tẹjú mọ́ ọn. Ó fi ìka tọ ìbuwọ́lùwé náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. "Kí ni wọ́n kọ síbí?"

"A. Kasumu. Ó sì fa ìlà sí abẹ́ rẹ̀."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín jẹ́jẹ́ ni, ó sì pẹ́ kó tó tán. "Ó mà mọ̀wé o, A. Kasumu yìí. Ẹ bá mi kí i."

Ìgbà náà ni mo rántí. Ilé-kéú ni bàbá rẹ̀ fi í sí, kò lọ ilé-ìwé mìíràn. Ó lè ka nọ́ńbà, ó lè ka téèpù tó fi ń wọn aṣọ, ṣùgbọ́n lẹ́tà ọwọ́ kéú ni ó fi ń kọ orúkọ rẹ̀, láti ọ̀tún sí òsì. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe fọwọ́ sí ìwé ní báńkì, bẹ́ẹ̀ ló ṣe fọwọ́ sí ìwé owó ilé. Mo ti rí i tó fọwọ́ sí nǹkan tó ìgbà ogún, n kò sì fọkàn sí i. Al-Ameen náà ti rí i. Àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ yára parí iṣẹ́ rẹ̀ lè gbàgbé.

"Ìyá Fáìzàh," mo ní, "bí ìwé náà kò bá tíì dé ọwọ́ rẹ, ọgbọ̀n ọjọ́ rẹ kò tíì bẹ̀rẹ̀."

Ó wò mí. "Àwọn fúnra wọn ló kọ ọ́ bẹ́ẹ̀?"

"Àwọn fúnra wọn ni."

"Ẹ tan kọ̀ǹpútà."

Lẹ́tà kejì kò gùn. A ní ìbuwọ́lùwé yìí kì í ṣe tirẹ̀. A ní kí wọ́n mú fọ́ọ̀mù tó kọ́kọ́ fọwọ́ sí jáde, kí wọ́n fi méjèèjì wé ara wọn lójú rẹ̀. A ní bí wọn kò bá ṣe é, a ó kó gbogbo ìwé wọ̀nyí lọ sí ọ̀dọ̀ àjọ ìjọba tó ń bójú tó àwọn onínṣọ́ránsì. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n pè é lórí fóònù lọ́jọ́ kẹta.

Àwa márùn-ún la pàdé nínú yàrá máníjà. Ọ̀gbẹ́ni Fọláwẹwọ́, máníjà ẹ̀ka náà, jẹ́ ọkùnrin tó máa ń rọra sọ̀rọ̀, tó sì máa ń to bírò rẹ̀ kó gún régé. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Dúpẹ́ Oyèlọlá ti wá láti olú ilé-iṣẹ́ wọn ní Èkó. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gbọ́ ẹjọ́ àwọn oníbàárà. Al-Ameen jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, báàgì lórí itan rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Ìyá Fáìzàh nígbà tí a wọlé. Ìyá Fáìzàh sì dá a lóhùn, nítorí kò sí ìdí tí kò fi ní dáhùn.

"Màdáámù," ni Ọ̀gbẹ́ni Fọláwẹwọ́ bẹ̀rẹ̀, "a ò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí di ńlá. Ẹbí kan ni wá. Ilé-iṣẹ́ lè ṣàánú yín, ká fún yín ní ìdajì, kí ẹ lè fi yanjú ọ̀rọ̀ ọmọ yín. Kò sí nínú òfin wa o, àánú lásán ni."

"Ẹ ṣeun, sà. Ìdajì wo lẹ máa fún mi, ti òkè ni àbí ti ìsàlẹ̀?"

"Ẹ má bínú, n kò gbọ́ yín yé."

"Ṣòkòtò ni mo sanwó fún, ẹ wá ní kí n gba ẹsẹ̀ kan. Owó mi ni mo wá gbà, sà. Ẹ jẹ́ ká wo ìwé."

Dúpẹ́ tẹ orí ba, bí ẹni tó fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó ṣí fáìlì, ó fa fọ́ọ̀mù àkọ́kọ́ jáde, ó tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé pélébé náà. Lórí fọ́ọ̀mù, orúkọ Àdìzát wà ní ọwọ́ kéú, ó tẹ́ lọ gbọọrọ bí òwú. Lórí ìwé kejì, A. Kasumu ń fò sókè, pẹ̀lú ìlà lábẹ́ rẹ̀.

"Ènìyàn lè ní ìbuwọ́lùwé méjì," Ọ̀gbẹ́ni Fọláwẹwọ́ ní.

"Ó lè ní mẹ́wàá, sà," Dúpẹ́ dáhùn. "Àmọ́ ẹ wo èyí." Ó fi ìka lé ibì kan lórí fọ́ọ̀mù. "Wọ́n bèèrè èdè tí oníbàárà lè kà. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ó sì yẹ kí aṣojú wa túmọ̀ ìwé fún ẹni tí kò bá lè kà á, kí ẹlẹ́rìí fọwọ́ sí i. Kò sí ẹlẹ́rìí." Ó yíjú sí Ìyá Fáìzàh. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè kọ orúkọ yín ní ABD fún mi?"

"N kò lè kọ ọ́, ọmọ mi. Ẹ bi Al-Ameen, ó mọ̀. Ó ti sọ fún mi rí pé ọwọ́ mi dára ju ti Àlùfáà lọ."

Gbogbo wa wo Al-Ameen. Ó ń wo báàgì rẹ̀.

"Kí lo pe ìwé yìí fún wọn, nígbà tí o tà á?" Dúpẹ́ bi í.

"Mo ní ó dà bí àjọ, mà."

"O kò sọ 'dà bí'," Ìyá Fáìzàh ní. Kò gbé ohùn sókè. "O ní, 'Ìyá mi, àjọ ni, àwa sì ni alájọ yín.' Lábẹ́ ẹ̀rọ mi lo ti sọ ọ́. Mo sì tún bi ọ́ pé ìgbà wo ni n óò kó o."

Al-Ameen di etí báàgì rẹ̀ mú.

"Al-Ameen," ó tún ní, "orúkọ tí bàbá rẹ fún ọ, olóòótọ́ ni ìtumọ̀ rẹ̀. Èmi kọ́ ni mo sọ ọ́. Níbo ni ìwé mi wà?"

Ó ṣí báàgì. Ó yọ ìwé kan tí wọ́n fi ọ̀rá wé jáde, ọ̀rá náà kò tíì já rárá, ó gbé e lé tábìlì.

"Ó ku oníbàárà kan kí iye tí wọ́n ní kí n mú wá lóṣù náà tó pé," ó ní. "Mo mọ̀ pé tí ẹ bá gbé ìwé náà fún Tíṣà, wọ́n á kà á fún yín. Mo ní n óò mú un wá tó bá yá. Nígbà tí wọ́n ń bèèrè ìwé pélébé yẹn ní ọ́fíìsì, mo fọwọ́ sí i. Ẹ dárí jì mí, Ìyá mi."

Ọ̀gbẹ́ni Fọláwẹwọ́ to bírò rẹ̀, ó tún un tò. Dúpẹ́ kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tó gbójú sókè, ó sọ ọ́ kedere pé lónìí ni ìwé àdéhùn tẹ oníbàárà lọ́wọ́, pé òní ni ọjọ́ kìíní nínú ọgbọ̀n ọjọ́, àti pé bí oníbàárà bá dá a padà, ilé-iṣẹ́ yóò fagi lé e, yóò sì dá gbogbo owó tó ti san padà.

"Mo dá a padà," Ìyá Fáìzàh ní. Kò tilẹ̀ fọwọ́ kan án.

"Ẹ ní láti gbà á ná, Màmá, kí ẹ tó lè dá a padà."

Ó fọwọ́ méjèèjì gbé e, ó tì í padà sí iwájú Dúpẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe kọ ọ́ sílẹ̀, ó gbà á, ó sì dá a padà lẹ́ẹ̀kan náà.

Nígbà tí a jáde, Al-Ameen tẹ̀ lé wa dé ìta. Ó ní wọ́n á yọ èrè tó jẹ lórí ìwé náà lára owó rẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé wọ́n á dá a dúró.

"N kò wá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ," Ìyá Fáìzàh sọ fún un. "N kò sì lè sọ pé o kò ṣe é. Máa lọ bá ìyá rẹ, kí o sọ fún un fúnra rẹ, kó má gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn."

Mo rò pé ó ti parí. Ní ọjọ́ karùn-ún, wọ́n pè wá pé ká wá fọwọ́ sí ìwé tí wọ́n máa ń fọwọ́ sí kí owó tó jáde. Ọ̀gbẹ́ni Fọláwẹwọ́ ti na bírò sí Ìyá Fáìzàh kó tó jókòó. "Ibi tí mo fàmì sí yìí nìkan, Màdáámù. Owó á dé láàárín ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá."

Mo ka ọjọ́ náà nínú ọkàn mi. Ọjọ́ kẹwàá yóò bọ́ sí Ọjọ́rú tó ṣáájú ọjọ́ Ẹtì ilé-ẹ̀kọ́ náà. Inú mi sọ pé kó yára fọwọ́ sí i, ká máa lọ.

Ìyá Fáìzàh gba bírò, ó fi í lélẹ̀, ó sì ti ìwé náà sí ọ̀dọ̀ mi. "Ẹ kà á, Tíṣà. Láti òkè."

"Ọ̀rọ̀ tí a jọ sọ náà ló wà níbẹ̀," máníjà ní.

"Mo gbọ́, sà. Ẹ kà á, Tíṣà."

Mo kà á, ìlà kan lẹ́yìn ìlà kan, mo sì ń túmọ̀ rẹ̀. Máníjà wo aago rẹ̀. Mo ka orúkọ rẹ̀, nọ́ńbà rẹ̀, mo ka pé ó gbà pé ọ̀rọ̀ ti parí láàárín òun àti ilé-iṣẹ́. Nígbà tí mo dé orí iye owó, mo dúró.

"Kí ló dé?"

"Wọ́n ní àwọn á kọ́kọ́ yọ owó iṣẹ́ ọ́fíìsì, ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Wọ́n yọ ẹgbẹ̀rún méjìdínlógún náírà."

"Bí a ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́ fún gbogbo ènìyàn nìyẹn," Ọ̀gbẹ́ni Fọláwẹwọ́ ní. "Tí a bá ní ká tún un ṣe, ó lè falẹ̀. Mo mọ̀ pé ọjọ́ ń lé yín."

Ó mọ̀, nítorí ó wà nínú lẹ́tà tí mo kọ. Ó dùn mí pé èmi ni mo kọ ọ́ síbẹ̀. Mo wo Ìyá Fáìzàh, mo fẹ́ sọ fún un pé èmi lè wá ẹgbẹ̀rún méjìdínlógún náà. Kò jẹ́ kí n lanu.

"Ọjọ́ ń lé mi lóòótọ́, sà," ó ní. "Ìyẹn ni mo ṣe máa jókòó síbí títí ẹ ó fi tún un tẹ̀. Ẹ pe àǹtí Èkó yẹn."

Máníjà pè é, ó sì tẹ fóònù kí gbogbo wa lè gbọ́. Dúpẹ́ bèèrè ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀. Máníjà kà á fún un. Dúpẹ́ ní, "Ẹ yọ ìlà yẹn, sà. Gbogbo rẹ̀ la sọ. Ẹ fi èyí tí ẹ bá tún tẹ̀ ránṣẹ́ sí mi kí agogo méjìlá tó lù, n óò fọwọ́ sí i lónìí."

Wọ́n tún un tẹ̀. Mo tún un kà láti òkè, nítorí Ìyá Fáìzàh ní kí n tún un kà. Òjìdínnírinwó ẹgbẹ̀rún náírà ni, kò dín. Ó fọwọ́ sí i.

Owó náà kò dé ní Ọjọ́rú. Ó dé ní Ọjọ́bọ̀, ní nǹkan bí agogo mẹ́wàá àárọ̀. Fáìzàh ló sáré gbé fóònù sọdá wá bá mi, ìyá rẹ̀ tẹ̀ lé e, aṣọ tí kò tíì rán tán lọ́wọ́. Mo ka iye náà sókè. Ìyá rẹ̀ ní kí n tún un kà. Mo bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n Fáìzàh ti gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó ti ń lọ sí báńkì lọ san owó ìwọlé kí n tó kà á tán.